Bí a ṣe ń fi LinkedIn mọ ẹnu ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ gbà wọ ilé-iṣẹ́ tí a ń fojú sí

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde LAUTECH tó ń wá iṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ní ojú-ìwé lórí LinkedIn, ṣùgbọ́n ìkéde iṣẹ́ nìkan ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ kà níbẹ̀. Ìkéde iṣẹ́ a máa sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ní òun ń fẹ́. Kì í sọ irú ẹni tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá, ibi tí ẹni náà ti ń bọ̀, àti ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló ń sọ ìyẹn nínú ìtàn iṣẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ síta fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ohun kan ṣoṣo ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí: bí a ṣe lè rí àwọn tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa tí wọ́n wà ní ilé-iṣẹ́ kan pàtó, kí a sì ka ìlà àkọ́kọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní nínú ilé-iṣẹ́ náà. Ipò tí wọ́n wà lónìí kò ṣe pàtàkì tó ìlà àkọ́kọ́ yẹn, nítorí pé kò sí ẹni tó máa gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí ipò ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí ọ̀gá náà gbà wọlé lè ṣì wà ní ṣíṣí.

Kí ọ̀rọ̀ náà má bàa rí gbúdu, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan kí a sì tẹ̀ lé e títí dé òpin. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́jáde kan wà tó kẹ́kọ̀ọ́ Food Engineering ní LAUTECH, tó ti sin ìjọba gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, tó ṣì ń gbé ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń yẹ ìdára oúnjẹ wò ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ńlá kan ní Agbára, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé àpẹẹrẹ lásán ni iye ènìyàn tí mo máa kà nísàlẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà kà wọ́n ni mo fẹ́ kí ẹ mú lò.

Ẹ rí i dájú pé ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ náà gan-an lẹ wà

Kọ̀ǹpútà ló rọrùn jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé gbogbo àṣàyàn tí a nílò ló máa ń hàn lórí rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló ní lè ṣí LinkedIn nínú Chrome dípò ápù rẹ̀, kó tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, kó sì yan "Desktop site"; ìkọ̀wé rẹ̀ á kéré, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó hàn á hàn.

Ẹ tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sínú àpótí àwárí, kí ẹ wá yan "Companies". Ibí yìí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí olú rẹ̀ wà ní òkè òkun lè ní ojú-ìwé kan fún gbogbo ayé àti òmíràn fún ẹ̀ka Nàìjíríà, ẹlòmíràn sì lè ti ṣí ojú-ìwé òfo kan pẹ̀lú orúkọ kan náà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń kọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa yan ojú-ìwé tó fẹ́ so mọ́ ọn, nítorí náà ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà ní Agbára lè wà lábẹ́ ojú-ìwé ti gbogbo ayé. Ẹ ṣí méjèèjì, kí ẹ tẹ àkọlé "People" lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ibi tí a kọ "Where they live" sí. Bí àwọn ará Èkó àti Ìpínlẹ̀ Ògùn bá pọ̀ lábẹ́ ojú-ìwé ti gbogbo ayé, ẹ lo méjèèjì pọ̀.

Lókè ojú-ìwé "People" yìí, ẹ máa rí iye àwọn tó so ara wọn mọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ má ṣe kà á sí iye òṣìṣẹ́ tó wà nínú ìwé owó oṣù wọn. Òṣìṣẹ́ tó ń wa ẹ̀rọ tí kò sì ní ojú-ìwé lórí LinkedIn kò sí nínú rẹ̀ rárá, ẹni tó sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún méjì tí kò tíì tún ojú-ìwé rẹ̀ ṣe ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àti ní yàrá àyẹ̀wò máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ní ilé-iṣẹ́ náà gan-an lọ.

Nísàlẹ̀ iye yẹn ni àwọn ìlà gbọọrọ tí a tò ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí wà: ibi tí wọ́n ń gbé, ibi tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́, irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ohun tí wọ́n kà, àti ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹ bá tẹ ìlà kan, gbogbo ìyókù á yí padà láti bá a mu. Ẹ tẹ "Ladoke Akintola University of Technology" lábẹ́ "Where they studied". Bí kò bá sí nínú àwọn tó hàn, ẹ tẹ "Add" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́. Àwọn ojú-ìwé ènìyàn tó bá kù nísàlẹ̀ ni ìdì àkọ́kọ́ tí ẹ máa kà.

Ẹ tún gba ìhà ilé-ẹ̀kọ́ wọlé

Ojú-ìwé LAUTECH lórí LinkedIn ní àkọlé tirẹ̀ tó ń jẹ́ "Alumni", àwọn ìlà gbọọrọ irú tòkè yìí náà sì wà níbẹ̀, àfi pé ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń fi hàn. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni àpótí ọdún méjì tó wà lókè rẹ̀, "Start year" àti "End year", èyí tó ń jẹ́ kí a ya àwọn tó jáde láìpẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ti jáde tipẹ́. Ẹni tó wọ ilé-iṣẹ́ ní ọdún 2004 lè jẹ́ ọ̀gá àgbà lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà wọlé lè ti di títì. Àwọn tó fi ọdún méjì sí mẹ́fà ṣáájú yín ni kí ẹ wá ju ẹnikẹ́ni lọ: wọ́n ti pẹ́ tó láti ti rí iṣẹ́, wọn kò sì tíì pẹ́ jù débi tí ìlànà ìgbanisíṣẹ́ á fi ti yí padà pátápátá.

Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń ka ọdún, nítorí pé ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ náà wà nínú rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní LAUTECH, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa fún ọ̀pọ̀ oṣù láàárín ọdún 2016 sí 2017, àrùn kòrónà náà sì ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa ní 2020. Nítorí náà, ẹni tó kọ ọ́ pé òun wọlé ní 2012 tí òun sì jáde ní 2018 kì í ṣe ẹni tó tún kíláàsì kà. Bákan náà, bí àlàfo ọdún kan bá wà láàárín ìgbà tó jáde àti ìgbà tó gba iṣẹ́ àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ ìgbà tó ń dúró de ìwé ìpè àgùnbánirọ̀, kì í ṣe pé iṣẹ́ ló ń sá fún un.

Orúkọ ẹ̀kọ́ náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ìgbà kan wà tí ẹ̀ka kan ṣoṣo ń jẹ́ "Food Science and Engineering" ní LAUTECH, kí ó tó di pé Food Science àti Food Engineering dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ará Under G bá fi "Food Engineering" nìkan ṣe àwárí pẹ̀lú àmì ọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀, gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n tó kọ orúkọ ti àtijọ́ ló máa bọ́ sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tẹ̀ léra nínú ohun tí wọ́n kọ. Ẹ lọ sínú "All filters" lórí àwárí àwọn ènìyàn, kí ẹ yan ilé-iṣẹ́ náà lábẹ́ "Current company", kí ẹ yan ilé-ẹ̀kọ́ náà lábẹ́ "School", kí ẹ sì kọ èyí sínú àpótí àwárí:

```
"food engineering" OR "food science" OR "food science and engineering"
```

Lẹ́tà ńlá ni kí ẹ máa fi kọ OR, AND àti NOT. Bí ẹ bá fi lẹ́tà kékeré kọ wọ́n, ọ̀rọ̀ lásán ni LinkedIn á kà wọ́n sí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwárí yín ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò kí ẹ wo iye ènìyàn tó jáde. Bí iye náà kò bá dín tí kò sì pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí orúkọ kò bá hàn, tàbí tí LinkedIn bá dá yín dúró

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ojú-ìwé máa rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó jáde kò ní orúkọ, "LinkedIn Member" nìkan ni a kọ síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n jìnnà sí i ju ipele kẹta lọ: kò mọ̀ wọ́n, àwọn tó mọ̀ kò mọ̀ wọ́n, àwọn tí ìyẹn náà mọ̀ kò sì mọ̀ wọ́n. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sanwó nítorí èyí. Ẹ so ara yín pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní kíláàsì, àwọn olùkọ́ tó ṣe alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí yín, àti àwọn tí ẹ jọ wà ní àgọ́ àgùnbánirọ̀. Olùkọ́ kan tó ti ń kọ́ni ní ẹ̀ka náà láti ọdún pípẹ́ lè sọ ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ní orúkọ yẹn di ipele kejì fún yín lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ló kún ibẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gba Google, nítorí pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló jẹ́ kí ojú-ìwé wọn hàn fún gbogbo ènìyàn:

```
site:linkedin.com/in "Ladoke Akintola" "Quality Assurance" Agbara
```

Ẹ lè fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà kún un, kí ẹ sì tún fi "LAUTECH" rọ́pò "Ladoke Akintola", torí pé àwọn kan kò so orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn mọ́ ojú-ìwé LAUTECH, ìkékúrú rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í jáde lábẹ́ "School" rárá, Google nìkan ló máa ń ṣí wọn payá. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí Google gbé jáde lè ti pẹ́, ẹni náà sì lè ti kúrò ní ibi iṣẹ́ tó hàn níbẹ̀.

LinkedIn tún ní òdiwọ̀n kan fún àwọn tí kò sanwó: bí ẹ bá ṣe àwárí púpọ̀ láàárín oṣù, á kìlọ̀ fún yín, lẹ́yìn náà á dín ohun tó ń fi hàn kù títí di ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Wọn kò sọ iye àwárí tó ń fa èyí. Nítorí náà, ẹ kọ àwọn ìbéèrè yín sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ tó ń kó ojú-ìwé jọ fúnra rẹ̀ sínú Chrome yín. Ó lòdì sí àdéhùn LinkedIn, wọ́n sì lè ti ojú-ìwé yín pa nítorí rẹ̀. Bí ọ̀ràn yìí ṣe rí, àwọn tí ẹ máa kà kò ní pọ̀ kọjá ohun tí ojú àti ọwọ́ lè ṣe.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé ẹni tí àwọn wo ojú-ìwé rẹ̀ máa mọ̀. Lóòótọ́, ó lè mọ̀, àfi bí ẹ bá lọ sí "Settings & Privacy", lẹ́yìn náà "Visibility", kí ẹ sì yí "Profile viewing options" padà sí "Private mode". Ẹni tí kò sanwó tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní lè rí àwọn tó wo ojú-ìwé tirẹ̀ náà. Ní tèmi, kò yẹ kí ẹni tó ń wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ fara pa mọ́. Àwọn kan nínú wọn á yẹ ojú-ìwé yín wò padà, ìyẹn sì dára.

Ẹ máa ka ojú-ìwé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè

Apá tó ṣòro jù nìyí, òun náà ló sì lérè jù. LinkedIn máa ń to iṣẹ́ tuntun sókè àti ti àtijọ́ sí ìsàlẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti di ipò púpọ̀ mú ní ilé-iṣẹ́ kan, á kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àpapọ̀ ọdún àti oṣù. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú àkójọ náà. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ jù lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn ni ẹnu ọ̀nà. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ òun náà, lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn, ni ibi tó ti ń bọ̀.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ló sábà máa ń hàn ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ. Èkíní ni aití, oṣù mẹ́fà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ kí ó tó parí. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí "Industrial Trainee", "Intern" tàbí "SIWES". Èkejì ni ọdún àgùnbánirọ̀, tí wọ́n ń kọ sí "NYSC" tàbí "Corps Member". Ẹ̀kẹta ni ètò ìgbanisíṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, tó ń jẹ́ "Graduate Trainee" tàbí "Management Trainee". Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, òun ló sì ń fara sin jù. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ kan rán lọ sí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ lè kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ oúnjẹ náà bí ẹni pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni. Ohun tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n ni àwọn nǹkan wọ̀nyí: ọ̀rọ̀ náà "Contract" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipò náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ tó wọlé ní oṣù kan náà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, tàbí kí orúkọ ipò kan náà hàn lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, tí ìkejì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn ìkíní. Ìkejì yẹn ló sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sí "Licenses & certifications". Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí i pé gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka àyẹ̀wò ló ní ìwé ẹ̀rí HACCP tàbí ISO 22000 tó jẹ mọ́ ààbò oúnjẹ, tàbí ti ààbò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì sáré lọ sanwó fún gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi oṣù tí ìwé ẹ̀rí náà jáde wé oṣù tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó jáde lẹ́yìn tí ẹni náà ti wọlé kì í ṣe òun ló mú un wọlé, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló sanwó rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn ti ní kí wọ́n tó wọlé nìkan ló yẹ kí ẹ ná owó ara yín lé lórí.

Bí ẹ bá ṣe ń kà ni kí ẹ máa kọ. Ẹ fa ìlà sínú ìwé kan: ọdún tí ẹni náà jáde, ẹ̀kọ́ tó kọ́, orúkọ ipò àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́, oṣù àti ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó wà ṣáájú, àti ìwé ẹ̀rí tó ti ní nígbà yẹn. Kò pọn dandan kí orúkọ wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà la ń wá, ẹ má sì fi àkójọ ìgbésí ayé àwọn ẹlòmíràn ránṣẹ́ sórí ẹgbẹ́ Wásáàpù.

Àpẹẹrẹ wa, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́jáde wa rí ènìyàn méjìlá tó bá àwárí rẹ̀ mu. Ó ṣí ojú-ìwé gbogbo wọn, ó sì rí i pé ẹnì kan ti ń gbé ní Kánádà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pa iṣẹ́ Agbára rẹ́ lójú-ìwé rẹ̀, àwọn méjì sì wà ní ẹ̀ka ọjà títà. Ó yọ àwọn mẹ́ta yìí kúrò, ó ku mẹ́sàn-án. Nínú àwọn mẹ́sàn-án yìí, méjì wọlé gẹ́gẹ́ bí "Graduate Trainee", mẹ́ta ti ṣe aití níbẹ̀ rí, mẹ́rin sì wọlé nípasẹ̀ iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì.

Ohun tí ẹni tó ń kánjú máa sọ ni pé aití àti kọ́ńtíráàtì ló dára jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún. Àwọn méjì tó gba ètò akẹ́kọ̀ọ́jáde wọlé ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọdún 2017, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́sàn-án tó tún gba ibẹ̀ wọlé láti ìgbà náà. Èyí kò fi hàn dájú pé ètò náà ti dópin, àmọ́ ó fi hàn pé kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́jáde wa jókòó ti ìkéde ètò náà nìkan.

Ọ̀rọ̀ aití ló nílò ìyẹ̀wò jù. Ojú-ìwé àwọn tó wà nínú ilé-iṣẹ́ kò lè fi àwọn tó gbìyànjú tí wọn kò sì wọlé hàn wá. Láti rí wọn, ó padà sí "All filters", ó yọ "Current company" kúrò, ó yan ilé-iṣẹ́ kan náà lábẹ́ "Past company", ó fi LAUTECH sílẹ̀ lábẹ́ "School", ó sì kọ èyí sínú àpótí "Title":

```
intern OR trainee OR SIWES OR "industrial attachment"
```

Àpótí yìí lè fi ipò tí ẹnì kan wà báyìí ṣe ìwọ̀n, nítorí náà ó tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ sínú àpótí àwárí gbogbogbòò kí ó má bàa pàdánù àwọn tí ipò wọn ti yí padà. Lẹ́yìn tó yọ àwọn tó jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó rí ènìyàn mẹ́rìnlá tó ti ṣe aití níbẹ̀, àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ rí sì wà lára wọn. Àwọn mọ́kànlá yòókù wà káàkiri: àwọn kan wà ní ilé-ìfowópamọ́, àwọn kan ń kàwé sí i, àwọn kan wà ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ mìíràn. A kò lè mọ iye nínú wọn tó fẹ́ padà tí wọn kò gbà á, ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú mẹ́rìnlá kò jọ ìlérí. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, aití rẹ̀ ti kọjá lọ, nítorí náà ó fi ẹnu ọ̀nà yẹn sílẹ̀ láìkábàámọ̀.

Ó ku àwọn mẹ́rin tó gba kọ́ńtíráàtì wọlé. Ó ka ìlà tó wà nísàlẹ̀ iṣẹ́ Agbára lójú-ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá yé e. Mẹ́ta nínú wọn ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan sí méjì ní ilé-iṣẹ́ kéékèèké: ọ̀kan ní ilé-iṣẹ́ omi, ọ̀kan ní ilé búrẹ́dì ńlá, ọ̀kan ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ. "Quality Control" ni a kọ sí iṣẹ́ gbogbo wọn níbẹ̀. Nínú àlàyé iṣẹ́ wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa wíwọn omi inú oúnjẹ, ìwé àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ojoojúmọ́, àti bí wọ́n ṣe múra sílẹ̀ de àwọn olùyẹ̀wò NAFDAC. Mẹ́ta ti ní ìwé ẹ̀rí HACCP kí wọ́n tó dé Agbára. Ti ISO 22000, lẹ́yìn tí wọ́n débẹ̀ ni gbogbo wọn gbà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kọ́ńtíráàtì títí di ìgbà tí orúkọ ipò náà hàn lẹ́ẹ̀kejì, ó lé díẹ̀ ní ọdún kan fún méjì, ó sì súnmọ́ ọdún mẹ́ta fún àwọn méjì yòókù.

Èyí yí ètò rẹ̀ padà pátápátá. Ó ti ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ Agbára náà tààrà láìrí èsì. Ohun tí àkójọ rẹ̀ ń sọ ni pé kí ó kọ́kọ́ wá yàrá àyẹ̀wò ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan, bóyá ní Oluyole ní Ìbàdàn tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kí ó sanwó fún HACCP nìkan, kí ó sì mọ ilé-iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ tó ń kó òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì lọ síbẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ náà ti hàn lójú-ìwé méjì nínú mẹ́rin. Ó tẹ orúkọ náà, ó ṣí ojú-ìwé tiwọn, ó sì rí ibi tí wọ́n ti ń kéde iṣẹ́, èyí tí kì í jáde lórí ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ oúnjẹ náà rárá.

Ènìyàn mẹ́sàn-án kò pọ̀, kò sì yẹ kí a sọ ọ́ di òfin. Bí ẹni tó bá yín mu kò bá tó márùn-ún, ẹ fẹ àwárí náà lójú kí ẹ tó gba ohun tó sọ gbọ́: ẹ fi àwọn tó jáde ní FUNAAB, OAU àti UI nínú ẹ̀kọ́ kan náà kún un, tàbí kí ẹ fi ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kejì ní Agbára tàbí Ṣágámù kún un. Bí ẹnu ọ̀nà kan náà bá tún hàn, ìgbà náà ni kí ẹ gbára lé e.

Ẹ bi ènìyàn kan ní ohun tí ojú-ìwé kò lè sọ

Àwọn nǹkan kan wà tí ojú-ìwé kì í sọ: ẹni tó fi orúkọ ẹnì kan sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́, irú ìdánwò tí wọ́n ṣe, àti bóyá ìbátan ló ṣí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kà á tán, ẹ yan ẹnì kan tàbí méjì tí ìtàn wọn súnmọ́ tiyín jù, kí ẹ kọ̀wé sí wọn. Àyè tí LinkedIn fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí a ń fi mọ́ ìbéèrè ìsopọ̀ kéré, iye tí ẹni tí kò sanwó sì lè fi ránṣẹ́ lóṣù kò pọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe ná an lórí ìkíni lásán. Ẹ má bèèrè fún iṣẹ́, ẹ má sì fi ìwé ìtàn ara yín mọ́ ọn. Ìbéèrè kan tó ṣeé dáhùn láàárín ìṣẹ́jú méjì, tó sì fi hàn pé ẹ ti ka ohun tí wọ́n kọ, ló máa ń gba èsì:

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Food Engineering ni mo kà ní LAUTECH. Mo rí i pé kọ́ńtíráàtì lẹ fi bẹ̀rẹ̀ ní Agbára. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ilé-iṣẹ́ náà ló gbà yín tààrà, àbí ilé-iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ ló fi yín síbẹ̀? Ẹ ṣeun púpọ̀."

Bí èsì bá dé, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ẹni náà nínú ìwé yín, pàápàá bí ó bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ti rò. Bí ẹni tí ẹ kò kọ̀wé sí bá sì kọ̀wé sí yín lẹ́yìn tí ẹ wo ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ náà, tó ní òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni òun, tó sì ń bèèrè owó fọ́ọ̀mù tàbí owó àyẹ̀wò ara, ẹ fi ọjọ́ tó ṣí ojú-ìwé rẹ̀ wé ọdún iṣẹ́ tó kọ síbẹ̀. Ẹ tẹ "About this profile" láti rí i. Ẹni tó ní òun ti wà ní Agbára fún ọdún mẹ́wàá, tí ojú-ìwé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lóṣù tó kọjá, tí kò sì sí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kankan lára àwọn tí ẹ jọ mọ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.